Ẹ̀wà ni mò ń jẹ lálaalẹ́, síbẹ̀ mò ń sanra sí i. Kí ni kí n fi owó péréte rà?

Tíṣà_Ọ̀jọ̀ọ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ní oṣù kẹta ni wọ́n sọ fún mi ní kílíníìkì pé ṣúgà mi ti ń gòkè, kí n yáa dín ara kù. Kílò 88 ni mí nígbà náà, wọ́n ní kí n gbìyànjú kí n dé 75. Wọ́n ní kí n dín búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹ̀bà kù, kí n máa jẹ purotéènì dáadáa. Ẹran àti adìyẹ ti kọjá agbára mi. Owó oṣù tíṣà ni mò ń gbà, ọmọ méjì sì wà nílé.

Mo bá gbá ẹ̀wà mú. Agolo mílíìkì kan àbọ̀ ni mò ń sè fún ara mi lálaalẹ́, màá sì din ata rẹ̀ lọ́tọ̀ bíi ti aganyin, torí bí kò bá dùn, n kò lè jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Láàárọ̀, mo máa ń din ẹyin méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Mo gun ìwọ̀n lánàá, ó ní 89! Àbí ẹ̀wà máa ń múni sanra ni?

Akin_Alágbára · Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n dẹ́rù bà yín, iṣan ló ń wúwo yẹn. Ẹyin tútù mẹ́fà ni kí ẹ máa fọ́ sínú kọ́ọ̀bù láàárọ̀, kí ẹ gbé e mu, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé irin. Oṣù méjì, apá yín á ti le bí òkúta. Ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Akin, ta ló bi ọ́ nípa apá? Obìnrin yẹn ní òun fẹ́ fọn, o ní kó gbé irin.

Tíṣà, ẹ̀wà kì í múni sanra. Ogún ọdún ni mo fi ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Epo ni. Ẹ sọ òótọ́ fún wa: ìpọn epo mélòó ló ń wọ ata aganyin yẹn? Kí lẹ sì ń fi jẹ ẹ̀wà náà?

Tíṣà_Ọ̀jọ̀ọ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Hmm. Ìpọn kékeré kan ni, ó lè tó ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Èmi nìkan ni mo sì ń jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ní ata náà ta. Ní ti ohun tí mo fi ń jẹ ẹ́... búrẹ́dì díẹ̀ ni. Ẹ má bínú sí mi.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ajé, 9:55 alẹ́

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó ń bínú. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Agolo mílíìkì kékeré kan ń gba nǹkan bí 140 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, mo ti wọ̀n ọ́n rí. Agolo kan àbọ̀ tìẹ jẹ́ 210. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì rẹ̀ máa ń tó 22 tàbí 23, ṣùgbọ́n kálórì rẹ̀ tó 340, torí sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀wà. Ibi tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ò ti rí i tán nìyẹn. Ẹ̀wà tí o ń jẹ lálẹ́ kan ń fún ọ ní bíi gíráàmù 47 purotéènì, ìyẹn dára gan-an, ṣùgbọ́n ó ń kó 700 kálórì wá pẹ̀lú rẹ̀. Ṣíbí ìjẹun epo kan jẹ́ 120 kálórì. Mẹ́rin jẹ́ 480, kò sì sí purotéènì kankan nínú rẹ̀. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 1,200 kálórì nínú abọ́ kan ṣoṣo kí a tó dé orí búrẹ́dì. Bó ṣe jẹ́ pé nǹkan bí 1,500 ló yẹ kí obìnrin tó ń dín ara kù bíi tìrẹ jẹ lójúmọ́, ìwọ̀n yẹn ò purọ́.

Ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn máa ń pa á pọ̀ di ọ̀kan. Èkíní: kí ló fún mi ní purotéènì tó pọ̀ jù fún owó mi? Èkejì: kí ló fún mi ní purotéènì tó pọ̀ jù láìgbé kálórì púpọ̀ wá? Ẹ̀wà ló ń borí nínú ti owó. Ládùúgbò mi, owó ẹyin mẹ́ta lè ra agolo ẹ̀wà méjì. Ẹyin mẹ́ta yẹn jẹ́ gíráàmù 18 purotéènì, ẹ̀wà yẹn sì ju 60 lọ. Ṣùgbọ́n nínú ti kálórì, ẹ̀wà ló ń gbẹ̀yìn. Kí o tó rí gíráàmù 20 purotéènì nínú ẹ̀wà, o ti jẹ 300 kálórì. Nínú ẹyin sísè, á tó 240. Nínú ẹja kótè tàbí fùkù, kò ju 120 tàbí díẹ̀ lé lọ.

Nítorí náà, má fi ẹ̀wà sílẹ̀, dín in kù ni. Má ṣe jẹ́ kó pé agolo kan. Jẹ́ kó wà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agolo, kí o wá fi ẹja wẹ́wẹ́ tàbí inú ẹran dí àlàfo tó kù. Ata rẹ ńkọ́? Lọ̀ ọ́, sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, kí o wá da ṣíbí epo kan ṣoṣo lé e. Bí o bá gún ẹja gbígbẹ sí i, o ò ní mọ̀ pé epo dín.

Má sì fi káún se ẹ̀wà náà. Ó ń tètè jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, ó sì dà bí iyọ̀ fẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi náà nù. Ìyẹn á dín inú kíkún kù pẹ̀lú.

Akin, ọmọ mi, sè ẹyin rẹ. Ẹyin tútù lè gbé kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ara ò sì rí purotéènì rẹ̀ lò bíi ti ẹyin sísè. O ń pàdánù nǹkan bí ìdajì rẹ̀.

Akin_Alágbára · Ọjọ́ Ajé, 10:07 alẹ́

Ẹ ṣé mà. Ìdajì? Owó mi o!

Ọmọ_Alápatà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Mo rí i pé Màmá dárúkọ fùkù. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe ní Akínyẹlé, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ inú ẹran dáadáa, torí àwọn oníbàárà máa ń wá ra "inú ẹran" bí ẹni pé nǹkan kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń dín ara kù, kó yàgò fún abọ́dì àti ìfun tí wọ́n ń pè ní ráúńdà. Ọ̀rá ló so wọ́n pọ̀. Ẹ fọwọ́ fún un lórí tábìlì wa, ẹ ó rí i bí ọwọ́ yín á ṣe máa yọ̀. Bó bá jẹ́ òun lẹ ti rà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ gbé omi rẹ̀ kalẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ọ̀rá á ti dì lókè bí àdín, ẹ fi ṣíbí kó o dànù kí ẹ tó fi se ọbẹ̀. Ṣàkì mọ́ tónítóní ju ìyẹn lọ ní ti ọ̀rá, àmọ́ omi pọ̀ nínú rẹ̀, á sì súnkì nínú ìkòkò. Ẹ̀dọ̀ ló dára jù, òun ló sì wọ́n jù nínú wọn.

Fùkù ni owó rẹ̀ rọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á fún ajá. Ẹ má tijú, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ní kí a là á lójú yín. Fùkù tó dára a máa rọ̀ bí kànrìnkàn, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á padà síbi tó wà. Bí ẹ bá rí kókó líle nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ọ̀bẹ bá gé e, nǹkan ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú wà láàárín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ kíákíá. Ikọ́ ife màlúù lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹ̀dọ̀, ẹ wo àwọn òpó inú rẹ̀. Bí wọ́n bá nípọn tí wọ́n le, tí nǹkan pẹlẹbẹ bí ewé kékeré sì ń jáde, kòkòrò ni. Dókítà ẹran máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹran tó ń dé ọjà ló gba ọwọ́ dókítà kọjá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Fọlákẹ́_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 àárọ̀

Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́? Kò lọ́ràá, ó ń mú ikùn kún, owó rẹ̀ sì ṣe é gbé. Pọ̀nmọ́ nìkan ni mo fi dín kílò márùn-ún.

Ọmọ_Alápatà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Pọ̀nmọ́ ò ní nǹkan kan nínú. Awọ bàtà lẹ̀ ń jẹ. Èmi ni mò ń tà á o.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:46 àárọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì jẹ̀bi díẹ̀díẹ̀. Pọ̀nmọ́ ní purotéènì, ṣùgbọ́n purotéènì awọ ni. Ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara ń fi kọ́ ẹran ara kò sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà kò lè dá dúró. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹyin, ìyẹn á dí àlàfo náà. Fọlákẹ́, bó ṣe ń mú ikùn kún láìgbé ọ̀rá wá, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n má kà á mọ́ purotéènì ojúmọ́ rẹ. Kí o sì ra èyí tí wọ́n fá, má ra èyí tí wọ́n fi táyà sun.

Ẹlẹ́ja_Yìnyín · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹja kún un, torí àwọn oníbàárà mi ń rò pé ẹja ńlá nìkan ló ní purotéènì.

Títọ́ọ̀sì lọ́ràá gan-an. Ọ̀rá tó dára ni, àmọ́ kálórì ni. Kótè gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Kótè kan tó bá tó 250 gíráàmù, bí ẹ bá gé orí rẹ̀, tí ẹ kó inú rẹ̀ dànù, ẹran tó kù lè tó 150, purotéènì rẹ̀ sì tó gíráàmù 28. Ẹni kan lè pín in sí méjì, kó jẹ ìdajì lọ́sàn-án, ìdajì lálẹ́. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ má dín in. Ẹ sì wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó rà: bó bá ti wọnú, tí ara rẹ̀ ń já bí ẹ bá gbé e sókè, ó ti yọ́, wọ́n sì tún mú un dì.

Ìyá kan máa ń sọ pé òun ń jẹ purotéènì torí òun ń da edé sọ́bẹ̀. Purotéènì pọ̀ nínú edé lóòótọ́, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ṣíbí kan tí ẹ gún kò ju gíráàmù 3 purotéènì lọ. Adùn ló jẹ́. Ẹja yọ́yọ́ gbígbẹ lẹ lè kó lọ́wọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré tó wọ̀n 20 gíráàmù yóò fún yín ní bíi 12. Ẹ rẹ ẹ́ sómi gbóná, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta torí iyanrìn, kí ẹ jẹ eegun rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Bàbá_Ṣọlá_Pẹ́kámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ọ̀sán

Ní ibí ní Pẹ́kámù, ẹ̀dọ̀ adìyẹ ló rọjú jù. Àwọn Òyìnbó ò rà á. Ẹ wá a ládùúgbò yín.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:52 ọ̀sán

Bàbá Ṣọlá, nílé níbí ẹ̀dọ̀ àti iwe adìyẹ ti di oúnjẹ olówó. Ẹ ti pẹ́ lẹ́yìn odi.

Ẹlẹ́sẹ̀_Wíwú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣọ́ra o. Èmi náà tẹ̀ lé irú ìmọ̀ràn báyìí lọ́dún tó kọjá: ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́, ẹja yọ́yọ́, pẹ̀lú ọtí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lóru ọjọ́ kan ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi wú, ó pọ́n bí ata. Aṣọ ìbora tó kan án mú mi pariwo. Gáùtì ni wọ́n sọ pé ó jẹ́. Ní ti ẹ̀wà, ẹnì kan ní kí n má jẹ ẹ́ mọ́, ẹlòmíràn ní kò sí nǹkan tó ṣe. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Nọ́ọ̀sì_Tó_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:11 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín ẹran, àwọn ẹja kéékèèké tí à ń jẹ tinú-teegun, àti ọtí, àwọn ló ń ru gáùtì sókè jù. Ẹni tó bá ti ní in rí, kó jìnnà sí wọn, kó gba ẹyin mú. Ẹ̀wà ò ṣe bí ẹran ṣe ń ṣe lára àwọn tí mo tọ́jú, ṣùgbọ́n dókítà yín ló mọ ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú, kó má gbé purotéènì sókè láìbéèrè. Aláboyún, kí ó má fi ẹ̀dọ̀ ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, torí fítámì A tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Fọlákẹ́_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun · Ọjọ́rú, 6:48 àárọ̀

Ṣé ká máa ju pupa ẹyin nù? Olùkọ́ eré ìdárayá mi ní funfun nìkan ni kí n jẹ.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀

Ẹni tó ń wá owó kì í ju ìdajì ẹyin nù. Pupa ẹyin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìdajì purotéènì rẹ̀ ni wọ́n ní kí o fún ajá. Ohun tí o máa ṣe ni pé kí o má fi epo dín in. Fọ́ ẹyin sínú ata tó ń hó fẹ́fẹ́, de ìkòkò náà, má rò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti dì. Epo ò wọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Tíṣà, èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyí: ẹ̀kuru. Ẹ ti gbàgbé ẹ̀kuru! Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje dára lọ́jọ́ ìnáwó, àmọ́ epo wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kuru ò gba epo, kò gba ata. Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná pẹ̀lú omi ìwọ̀nba, ẹ pọ́n ọn sínú ewé, ẹ sè é bíi wákàtí kan. Agolo kan á fún yín ní ìdì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ jẹ méjì pẹ̀lú ata gbígbẹ tí ẹ fi kótè sè, ẹ ó rí i bóyá ẹ ó tún rántí búrẹ́dì.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Fẹ̀yìntì · Ọjọ́rú, 8:30 àárọ̀

Lórí pupa ẹyin, mo gbà pẹ̀lú Ìyá Ẹlẹ́kọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹyin kan tàbí méjì lójúmọ́. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga bíi ti Tíṣà, kó bi àwọn kílíníìkì rẹ̀ léèrè nípa ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí àwọn dókítà fúnra wọn kò fẹnu kò lórí iye tí irú wọn lè jẹ.

Tíṣà, mo to ọjọ́ kan fún ọ. Àárọ̀: ẹyin sísè méjì pẹ̀lú ògì tí kò ní ṣúgà. Ọ̀sán: ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù tàbí ẹ̀kuru méjì, pẹ̀lú ìdajì kótè. Alẹ́: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó kún àwo, fùkù 100 gíráàmù, ẹ̀kúnwọ́ yọ́yọ́, ìdajì kótè tó kù, àti àmàlà tí kò ju ìkúùkù rẹ lọ. Epo gbogbo ọjọ́ náà, ṣíbí ìjẹun méjì. Purotéènì rẹ á lé ní 75. Àwọn olórí oúnjẹ yẹn pẹ̀lú epo kò ju 1,100 kálórì lọ, ìyókù wà fún ògì, àmàlà àti èso.

Tíṣà_Ọ̀jọ̀ọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo padà dé o. Lórí ìwọ̀n kan náà, 86.5. Ebi ò pa mí lóru bí mo ṣe rò. Búrẹ́dì ṣì ń pè mí, n kò ní purọ́, mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Fùkù kọ́kọ́ lé mi sá. Ó léfòó sókè nínú ìkòkò, bí mo ṣe ń tì í sísàlẹ̀ ló ń yọjú. Ọmọ mi kékeré ní "Màámi, ó ń mí!" Mo wá gé e wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí mo bọ̀ ọ́, mo fi ata rodo àti ewé èfìnrín sí i, ó ti di ẹran.

Ẹ̀kuru ni mi ò rí mú. Tèmi le bí òkúta, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀bẹ gé e. Kí ni mo ṣe?

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kò lù ú. Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ fi ọmọ orógùn lù ú nínú odó tàbí abọ́ títí á fi fẹ́, tí á fi funfun sí i. Ẹ mú díẹ̀ sínú omi tútù: bó bá léfòó, ó ti tó. Bó bá rì, ẹ ṣì ń lù ú.

Tíṣà_Ọ̀jọ̀ọ́ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:09 ìrọ̀lẹ́

Ó rì pátápátá mà. Mo ń lọ lù ú.

Fọlákẹ́_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Pọ̀nmọ́ ṣì ni tèmi o.